Dítámínáǹtì ni àbí tírésì? Èmi àti Kúnlé kò fẹnu kò

Fọláṣadé, Akọka

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọdún kejì ni èmi àti Kúnlé wà nínú ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, a sì máa ṣe ìdánwò lórí mátíríìsì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lánàá a jókòó sí ẹ̀bá ọ̀sà láti ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo, ló bá di ariwo bí ìgbà tí àwọn ọmọ bàbá kan bá ń pín ogún. Wọ́n ní ká wá iye áígẹ̀n mátíríìsì yìí:

```
A = [ 5  2 ]
    [ 4  3 ]
```

Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ láàárín wa nìyí.

Èmi: Yọ λ kúrò lára 5 àti lára 3, wá dítámínáǹtì rẹ̀, kó o sì fi í dọ́gba pẹ̀lú òdo. (5 − λ)(3 − λ) − 8 = 0.

Kúnlé: Kí ni gbogbo wàhálà yẹn? Ro 5 mọ́ 3, ó di 8. Tírésì nìyẹn. Dítámínáǹtì A fúnra rẹ̀, 15 yọ 8, ó ku 7. Nọ́ńbà méjì wo la máa rò pọ̀ tó máa jẹ́ 8, tá a sì máa sọ di púpọ̀ tó máa jẹ́ 7? 7 àti 1. Ó tán.

Èmi: Torí pé nọ́ńbà yẹn rọrùn ni. Tí kò bá rọrùn ńkọ́?

Kúnlé: Pín tírésì sí méjì, ó di 4. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Yọ 7, ó ku 9. Gbòǹgbò 9 ni 3. 4 àti 3 jẹ́ 7, 4 yọ 3 jẹ́ 1. Ì báà jẹ́ nọ́ńbà tó le ju òkúta lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe é.

Èmi: Ó dáa, èmi náà ti tú tèmi. λ² − 8λ + 7 = 0. 7 àti 1 ni mo rí.

Kúnlé: Ṣé o ò rí i? 8 yẹn ni tírésì, 7 yẹn ni dítámínáǹtì. O kàn gba Ìkòròdú lọ sí Yábàá ni.

Èmi: Tí wọ́n bá wá fún ẹ ní onílà mẹ́ta ńkọ́?

Kúnlé: Bákan náà ni. Tírésì, dítámínáǹtì, mo ti ṣe tán.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni kò yé mi. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Èwo sì ni kí n lò lọ́jọ́ ìdánwò?

Ráṣídì, Múṣin

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń da ara yín láàmú. Ṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ igun ìsàlẹ̀ lápá òsì di òdo, ohun tó bá wà lórí dáyágónà náà ni ìdáhùn. Mo yọ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlà òkè kúrò lára ìlà ìsàlẹ̀. 4 di òdo, 3 di 1.4. Nítorí náà 5 àti 1.4 ni iye áígẹ̀n. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 5 lọ́nà 1.4 jẹ́ 7, ó bá dítámínáǹtì mu gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin lẹ ṣi í ṣe.

Tíṣà Gbénga, Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta

Ráṣídì, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Bí mátíríìsì bá ti ní òdo lábẹ́ dáyágónà látilẹ̀ wá, o lè ka iye áígẹ̀n lórí dáyágónà rẹ̀ láìṣe ohunkóhun mọ́. Àmọ́ ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ dá òdo yẹn sílẹ̀. Tá a bá yọ ìlà kan kúrò lára ìlà míì, dítámínáǹtì kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí 7 rẹ fi bára mu. Iye áígẹ̀n ní tirẹ̀ máa ń yí padà. Mátíríìsì mìíràn lo ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn, kì í ṣe A mọ́.

Wo tírésì báyìí. 5 àti 1.4 jẹ́ 6.4, bẹ́ẹ̀ 8 ló yẹ kó jẹ́. Tírésì ló tú àṣírí náà, dítámínáǹtì gbà á wọlé.

Tí o bá ṣì ń ṣiyèméjì, mú fẹ́kítọ̀ (1, 1), kó o fi A sọ ọ́ di púpọ̀. Ìlà òkè: 5 àti 2, 7. Ìlà ìsàlẹ̀: 4 àti 3, 7. (7, 7) ló jáde, ìyẹn (1, 1) lọ́nà 7. Kò sí bó o ṣe fẹ́ yọ 7 kúrò nínú ìdáhùn.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi máa ṣe Wáẹ́ẹ̀kì lọ́dún yìí, dítámínáǹtì sì wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n fún un. 5x + 2y = 12, 4x + 3y = 11. Ṣé tírésì tí ọ̀gbẹ́ni Kúnlé ń sọ yìí máa jẹ́ kó tètè rí x àti y? Ọmọ náà kì í yára rárá.

Tíṣà Gbénga, Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Rárá o, tírésì kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Iye áígẹ̀n làwọn ń wá, x àti y ni ọmọ yín ń wá. Dítámínáǹtì nìkan ló máa lò. 5 lọ́nà 3 yọ 2 lọ́nà 4 jẹ́ 7, òun ni yóò fi pín. Fún x, kó fi 12 àti 11 rọ́pò 5 àti 4: 36 yọ 22 jẹ́ 14, pín in sí 7, ó di 2. Fún y, kó fi wọ́n rọ́pò 2 àti 3: 55 yọ 48 jẹ́ 7, y di 1. Kí ó má yára jù, ẹ jẹ́ kó fi 2 àti 1 padà sínú ìbéèrè kó tó lọ sí òmíràn.

Fọláṣadé, Akọka

Ẹ ṣé gan-an sà. Tírésì ló wá dáa jù ni? Kúnlé ti ń rẹ́rìn-ín.

Tíṣà Gbénga, Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta

Sọ fún un pé kó má tíì rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe méjì ni mo máa ń rí jù nínú ìwé àwọn ọmọ tí mo ń kọ́. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n á tú àkámọ́ méjèèjì, wọ́n á sì sọ àmì ìyọkúrò nù, á wá di λ² + 8λ + 7. Ìdáhùn wọn á jẹ́ −7 àti −1. Sọ wọ́n di púpọ̀, 7 ni, kò sí ohun tó jọ àṣìṣe. Rò wọ́n pọ̀, −8 ni. Tírésì mú un.

Èkejì ni pé wọ́n á gbàgbé láti yọ 8, ìyẹn 2 lọ́nà 4. Wọ́n á kọ (5 − λ)(3 − λ) = 0, wọ́n á ní 5 àti 3 ni ìdáhùn. Rò wọ́n pọ̀, 8 ni, tírésì kò rí nǹkan kan. Sọ wọ́n di púpọ̀, 15 ni, kì í ṣe 7. Dítámínáǹtì ló mú ìyẹn. Nítorí náà, yẹ méjèèjì wò, wọn kò ní gbà ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan.

Ní ti onílà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ Kúnlé kò tọ̀nà. Mú mátíríìsì tó ní 1, 6, 6 lórí dáyágónà, tí ibi tó kù jẹ́ òdo. Mú òmíràn tó ní 2, 2, 9. Tírésì àkọ́kọ́ jẹ́ 13, ti èkejì náà jẹ́ 13. Dítámínáǹtì àkọ́kọ́ jẹ́ 36, ti èkejì náà jẹ́ 36. Iye áígẹ̀n wọn kò jọra rárá. Tí mo bá fún Kúnlé ní 13 àti 36 nìkan, èwo ló máa mú?

Kúnlé

Èmi rèé o, wọ́n ti fi ẹjọ́ mi sùn káàkiri. Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó ní láti ní nọ́ńbà kẹta kan tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Tíṣà Gbénga, Ẹ̀bútẹ̀ Mẹ́ta

Ó wà. Pa ìlà kìíní àti òpó kìíní rẹ́, wá dítámínáǹtì onílà méjì tó kù. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì, ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkẹta, kó o ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ti 1, 6, 6 máa jẹ́ 48, ti 2, 2, 9 máa jẹ́ 40. Òun ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ λ nínú ìdọ́gba rẹ.

Bísí, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ ti gbàgbé fẹ́kítọ̀ áígẹ̀n. Nígbà tí mo wà níléèwé, ìbéèrè kì í parí síbi iye áígẹ̀n. Fọláṣadé ti kọ A − λI sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn máa fi 1 sípò λ ni, ìlà méjèèjì á di 4 àti 2, fẹ́kítọ̀ rẹ̀ á jẹ́ (1, −2). Kúnlé á ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ kọ ọ́. Pẹ̀lú ìyẹn, lẹ́kítúrà tiwa kì í fún ẹni tó bá kọ ìdáhùn láìfi iṣẹ́ hàn ní máàkì tó pé.

Ráṣídì, Múṣin

Mi ò gbà pẹ̀lú ti máàkì yẹn. Tírésì 8 àti dítámínáǹtì 7 tí Kúnlé wá, iṣẹ́ náà kọ́ nìyẹn? Bí ìbéèrè kò bá dárúkọ ọ̀nà kan pàtó, kí ló kàn wọ́n? Ti òdo mi tẹ́lẹ̀ ṣá, mo ti gbọ́.

Bísí, Ìsàlẹ̀ Èkó

Lọ bi ẹni tó máa máàkì ìwé yín, èmi kọ́.

Kúnlé

Ẹ wo onílà mẹ́ta tí mo fi nọ́ńbà kẹta yẹn ṣe:

```
B = [ 2  1  0 ]
    [ 1  2  0 ]
    [ 0  0  5 ]
```

Tírésì 9. Dítámínáǹtì kéékèèké mẹ́ta náà jẹ́ 10, 10 àti 3, àròpọ̀ wọn 23. Dítámínáǹtì B jẹ́ 15. λ³ − 9λ² + 23λ − 15 = 0. Mo fi 1 dán an wò, ó di òdo. Mo fi λ − 1 pín in, ó ku λ² − 8λ + 15, ìyẹn 3 àti 5. 1, 3, 5.

Fọláṣadé, Akọka

Èmi gba ìlà ìsàlẹ̀ wọlé torí òdo méjì tó wà níbẹ̀. (5 − λ)[(2 − λ)² − 1] = 0. Mi ò tiẹ̀ tú àkámọ́ kankan. 5 ti jáde, 2 − λ sì jẹ́ 1 tàbí −1, ìyẹn 1 àti 3. Ìwọ tú gbogbo rẹ̀ tán kó o tó wá máa fi 1 dán an wò. Ta ló gba Ìkòròdú báyìí?

Kúnlé

Òdo ló gbà ẹ́ sílẹ̀. Màá mú èyí tí kò ní òdo kankan wá lọ́la.