Omijé ayédèrú, omi ojú àtọwọ́dá, àbí arọ́pò omijé?

Ará Sùúrùlérè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn tó ń lo awò, lórí ojú gbígbẹ́ nígbà ọyẹ́. Mo pe oògùn tí wọ́n ń kán sí i ní "omijé ayédèrú". Ṣé ó tọ̀nà? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé ojú gbẹ, síbẹ̀ omi ń dà lójú?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ayédèrú kẹ̀? Ní Èkó yìí, tí ẹ̀rù ayédèrú oògùn ń ba gbogbo wa, ta ni yóò kán ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sójú? Ẹ sì wo àmì ohùn yín. *Gbẹ*, ohùn àárín, ni ti omi tó tán. *Gbẹ́*, ohùn òkè, ni ti kòtò àti ère. Ojú gbígbẹ́ tí ẹ kọ yẹn, iṣẹ́ agbẹ́gilére ni. "Omijé" náà ò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹkún ni omijé ń bá rìn. Omi ojú àtọwọ́dá ni kí ẹ pè é.

Olùtọ́jú Ojú, Yàbá: Lórí *gbígbẹ*, òótọ́ lẹ sọ. Àtọwọ́dá ni mi ò fara mọ́, nítorí iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe ló yẹ kí orúkọ rẹ̀ sọ.

Omi tó bo ẹyinjú kì í ṣe omi lásán. Òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó lórí, kó má baà tètè fà lọ. Láti inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó tò sí etí ìpéǹpéjú, lẹ́yìn ìdí irun, ni òróró yẹn ti ń jáde. Ẹ rántí bí àdí àgbọn ṣe ń dì nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́. Bí òróró ojú bá ki bẹ́ẹ̀, tí ìdọ̀tí sì dí ẹnu ihò, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi tó wà lójú lọ. Ojú á máa ta, ara á wá da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò ní òróró tó lè dá a dúró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ṣàn gbà. Ìdí nìyẹn tí ojú gbígbẹ fi ń ṣomi.

Oògùn náà ò lè ṣí ihò yẹn. Ó kàn ń dúró níbi tí omijé ì bá wà ni, bí arọ́pò-orúkọ ṣe ń dúró fún ọ̀rọ̀-orúkọ. Arọ́pò omijé ni mo pè é.

Ìyá Èbúté-Mẹ́tta: Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe àpólò lẹ ń sọ? Tèmi pupa lọ́dún tó kọjá, mo ra èyí tó ń mú ojú funfun. Ó funfun lóòótọ́, ó tún wá pupa ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Olùtọ́jú Ojú, Yàbá: Rárá, Mà. Àpólò máa ń ran ẹlòmíràn, ìpin rẹ̀ sì lè lẹ ìpéǹpéjú pọ̀ láàárọ̀. Èyí tó ń mú ojú funfun, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń fún pọ̀. Bí agbára rẹ̀ bá tán, iṣan á tún fẹ̀, pupa á padà dé. Kì í ṣe arọ́pò omijé.

Ará Sùúrùlérè, ní ti ohun tó lè ṣí ihò yẹn, ẹ má kọ "fífọ ojú" nìkan, torí gbogbo ènìyàn ló ń bọ́jú láàárọ̀. Ẹ kọ "nínu etí ìpéǹpéjú". Kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n ri aṣọ mímọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí awọ inú ọrùn ọwọ́ lè gbà, kí wọ́n dijú, kí wọ́n fi lé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Aṣọ á ti tutù kí àkókò náà tó pé, kí wọ́n máa tún un rì. Òróró ti rọ̀ nìyẹn. Kí wọ́n rọra fi ìka ti ìpéǹpéjú òkè wá sísàlẹ̀, kí wọ́n ti ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó lè jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi òwú àti omi tí a sè tó ti tutù nu ìdí irun, òwú ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni kíkán kàn. Ẹ̀kán kan tó. Ojú ò lè gba méjì, èkejì á dà nù. Kí ẹnu ìgò má kan irun ojú, kí wọ́n sì dijú fún ìṣẹ́jú kan. Oògùn ìpamọ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò máa ń ta ojú bí a bá ń kán an ju ìgbà mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹni tó nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ra èyí tí kò ní in, tó máa ń wà nínú ike kéékèèké.

Àwọn onígíláàsì máa ń gbàgbé ohun kan: eruku máa ń dúró sí etí férémù àti rọ́bà tó jókòó sí imú. Ẹni tó nu ìpéǹpéjú tán, tó tún gbé awò eléruku wọ̀, ó ti dá eruku padà. Omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ kí aṣọ tó kàn án, nítorí eruku gbígbẹ á ha jígí. Bí ojú bá ń dùn wọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún wọn, tàbí tí ìríran ń dín kù, kí wọ́n lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Àwọn ìyá wa ò ní omi inú ìgò. Tìróò ni wọ́n ń lé, ojú wọn sì ń dá.

Olùtọ́jú Ojú, Yàbá: Ibi tí wọ́n ń lé tìróò sí gan-an ni ẹnu ihò yẹn wà. Òjé sì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ tìróò.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ti tìróò, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n *arọ́pò* yín ń ṣe mí bí ènìyàn. A-rọ́-pò: *a-* yẹn, oníṣẹ́ ni, bíi ti apẹja. Ìgò ò lè jẹ́ a-nǹkan.

Ará Sùúrùlérè: *Abẹ́rẹ́* ńkọ́, *agbòjò* ńkọ́? Mo ti tún *gbígbẹ* kọ, mo ti pa *ayédèrú* rẹ́. Àyè orúkọ rẹ̀ ṣì ṣófo nínú ìwé mi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ tú abẹ́rẹ́ sí wẹ́wẹ́ fún mi ná.