Ọdún márùn-ún ló kù kí n fẹ̀yìn tì: kí ló yẹ kó ṣáájú?

Àyìnlá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún márùn-ún ló kù kí n kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú fáìlì wá ń kanra mọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti débẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀. Ó tún ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ tán, ó ní lẹ́tà náà ò ní nọ́ńbà. Ìyàwó mi ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ìnáwó, mo ní kò tíì yá, ló bá ń bínú. Ẹ jọ̀ọ́, kí léèyàn ń kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ṣadé: Òwò wo lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ má jẹ́ kí owó yẹn bá yín lójijì o. Èmi ti ń wá ṣọ́ọ̀bù.

Akọ̀wé Àgbà: Ìyá Ṣadé, kì í ṣe òwò ló ń bi wá. Bọ̀dá Àyìnlá, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ gba àkọsílẹ̀ owó péńṣọ̀n yín láti oṣù àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹ to ìwé owó oṣù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fa ìlà mẹ́ta sórí pépà: oṣù, iye tí wọ́n yọ, iye tó dé àkáǹtì. Owó oṣù kan sábà máa ń wọlé nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, torí náà ẹ má tíì pariwo tó bá pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ibi kan bá ṣófo tí kò sì sí àfikún lẹ́yìn ẹ̀, owó ti há síbì kan nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo oṣù tí wọ́n gbé yín láti ẹ̀ka kan sí òmíràn, àti oṣù tí nọ́ńbà tàbí orúkọ yín yí padà. Ẹ tún wo ìpín agbanisíṣẹ́ lọ́tọ̀, torí tiyín lè dé kí tiwọn má dé.

Kọ́lá: Tí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí bá yàtọ̀, ìwé ìbúra kóòtù ti tó. Ọjọ́ kan péré ni.

Akọ̀wé Àgbà: Ó lè tó fún orúkọ. Fún ọjọ́ ìbí, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kì í gbà á nígbà téèyàn bá ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ fi kún ọdún iṣẹ́ ni. Bọ̀dá, ọdún wo ló wà nínú fáìlì yín?

Àyìnlá: Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ wò tọ́mọ náà ò jẹ́ kí n rí. Ìwé ìbí mi sọ 1971. Ẹni 60 ọdún ló ń kúrò níbi iṣẹ́ wa, 2031 nìyẹn. Àmọ́ mo rántí pé akọ̀wé tó gbà mí síṣẹ́ kọ 1969. Ẹ̀bi tèmi kọ́ o.

Ìyá Ṣadé: Háà! Ẹ sì ń pè é ní ọdún márùn-ún?

Akọ̀wé Àgbà: Ọdún mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa bá ṣètò o, 2029. Tó bá wá jẹ́ 2031, èrè nìyẹn. Ṣé ẹ jẹ ẹ̀yáwó?

Àyìnlá: Mo gba ti oṣù 48 ní oṣù tó kọjá. Òrùlé ló ń jò.

Akọ̀wé Àgbà: Tẹ́ ẹ bá kúrò lẹ́yìn oṣù 36, oṣù 12 máa ṣẹ́ kù, wọ́n sì lè yọ ọ́ lára owó ìfẹ̀yìntì. Ìyàwó yín ló jàre lórí ìṣirò. Ẹ kọ ìnáwó oṣù mẹ́ta gangan sílẹ̀. Èyí tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ pín in sí 12. Ẹ yọ owó ọkọ̀ ọ́fíìsì kúrò, kẹ́ ẹ fi owó ìtọ́jú ara tí ibi iṣẹ́ ń san fún yín báyìí kún un. Tí ọjà bá ń gbówó lórí ní ìdá 10 nínú 100 lọ́dún, ohun tẹ́ ẹ ń fi 100 rà lónìí máa di bíi 133 lọ́dún mẹ́ta. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi wé péńṣọ̀n, ẹ má fi wé owó oṣù.

Kọ́lá: Èmi ṣì gbà pé kóòtù lè tún ọdún yẹn ṣe.

Akọ̀wé Àgbà: Kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí fáìlì bá sọ ohun kan, tí àwọn péńṣọ̀n sọ òmíràn, owó lè dúró títí wọ́n á fi bára mu. Ẹ yẹ orúkọ ẹni tó máa gbà á lẹ́yìn yín wò pẹ̀lú. Ta lẹ kọ?

Àyìnlá: Màmá mi. Wọ́n ti dolóògbé. Ọjọ́ Ajé ni mo máa gbé lẹ́tà náà padà lọ, tòun ti nọ́ńbà. Ẹ jọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù ẹni tó máa gbà á, ṣé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn náà ni?

Akọ̀wé Àgbà: Rárá, ọ̀dọ̀ àwọn péńṣọ̀n ni. Ẹ gba ìwé pé ẹ ti fi í sílẹ̀, kó ní òǹtẹ̀.