Kírẹ́díìtì nóòtì wọlé, gbèsè tún lé sí i

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Kàbà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Orí mi ti gbóná. Sọ́pláyà wa ní Ìlọrin sọ pé ₦245,500 ló kù lọ́rùn wa, ìwé tiwa ń pe ₦374,500. Ọjà tó bàjẹ́ la dá padà, wọ́n fi fọ́tò kírẹ́díìtì nóòtì, ìwé tó ń yọ owó ọjà náà kúrò nínú gbèsè wa, ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, fọ́tò náà ṣú dùdù. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi áàpù kà á wọlé, ó ní gbogbo nọ́ńbà ló pé. Ta ló ń rẹ́ wa jẹ?

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ pa nóòtì náà rẹ́, kí ẹ dín iye ara ínfọ́ìsì kù. Ó parí.

Akọ̀wé Mọ̀pà: Rárá sà. Ínfọ́ìsì tí a bá tún iye rẹ̀ kọ kò ní bá tọwọ́ sọ́pláyà mu mọ́. Mà, ìyàtọ̀ ìwé méjèèjì jẹ́ ₦129,000. Ẹ pín in sí méjì, ₦64,500. Ṣé iye nóòtì náà nìyẹn? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣe ni ìwé yín kà á sí ínfọ́ìsì, ó wá ń fi kún gbèsè dípò kó yọ níbẹ̀. Ká ní kò wọlé rárá ni, ₦64,500 péré ni ìyàtọ̀ ì bá jẹ́.

Ọmọ Ìsánlú: Níbi iṣẹ́ wa, áàpù ka òdo inú nọ́ńbà nóòtì `CN-0187` sí lẹ́tà O, nóòtì kan bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo ibẹ̀ yẹn.

Akọ̀wé Mọ̀pà: Ìyẹn á mú kí gbèsè kéré jù ni. Gbèsè inú ìwé Ìyá Ṣọ́ọ̀bù ló pọ̀ jù.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Kàbà: Òótọ́ ni: ọjà ₦60,000, owó orí ọjà ₦4,500. `Bill`, ìyẹn ínfọ́ìsì, ni ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ yàn nínú áàpù. Ẹ má bá a wí o, fọ́tò yẹn ni kò hàn.

Akọ̀wé Mọ̀pà: Ẹ fagi lé èyí tó wọlé bíi `Bill`, ẹ má pa á rẹ́, kí ipa rẹ̀ lè wà. Ẹ wá ṣí `Supplier Credit`, ibi tí à ń kọ kírẹ́díìtì nóòtì sí. Àpapọ̀ ìsàlẹ̀, ₦64,500, ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ₦60,000 tó wà lókè rẹ̀. Ẹ wo `Ref` lára fọ́tò, nọ́ńbà ínfọ́ìsì tí ọjà náà bá wá ló wà níbẹ̀. Òun ni kí ẹ so nóòtì mọ́.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Kàbà: `INV-2291` ni, ₦480,000. Ṣùgbọ́n kò jáde kí n yàn án. A ti san án tán lóṣù tó kọjá. `INV-2318` nìkan ló kù, ₦310,000.

Akọ̀wé Mọ̀pà: Háà, mà! Èyí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ínfọ́ìsì tí a ti san tán kò ní ohun tí kírẹ́díìtì máa yọ. Ẹ jẹ́ kó wà lórúkọ sọ́pláyà láì so ó mọ́ nǹkan kan: ₦310,000 yọ ₦64,500, ₦245,500 ló kù.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Kí wọ́n dá owó padà ni o. Ọjà `INV-2291` ló bàjẹ́, kí ló kan `INV-2318`?

Ọmọ Ìsánlú: Wọ́n ti yọ ọ́ nínú gbèsè náà, Bàbá. Owó wo ni wọ́n tún fẹ́ dá padà?

Akọ̀wé Mọ̀pà: Àpapọ̀ ni wọ́n yọ ọ́ nínú rẹ̀, a ò tí ì mọ ínfọ́ìsì tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mà, ẹ kọ̀wé bi wọ́n kí ẹ tó san `INV-2318`.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù, Kàbà: Mo ti fagi lé `Bill` yẹn, mo sì ti kọ nóòtì náà sí `Supplier Credit`, ₦245,500 ló gbé wá. Mo ti kọ̀wé sí wọn, wọn ò tí ì fèsì.