Ìdìtẹ̀, ìgbìmọ̀pọ̀ àbí ìlẹ̀dí-àpò-pọ̀?

Ògbufọ̀ kóòtù, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni ká máa pe ẹ̀sùn pé àwọn èèyàn jọ pinnu láti ṣẹ̀, kí sì ni ká pe ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́? "Ìdìtẹ̀" ni mo ń lò, àmọ́ àwọn olùjẹ́jọ́ máa ń rò pé ìjọba ni wọ́n ní àwọn fẹ́ dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Olùkọ́ Yorùbá, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ fi ìdìtẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ológun. Ẹ má sì fi imùlẹ̀ pè é. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí, ọ̀rọ̀ Òṣùgbó ni, a kì í fi pe olè. "Ìlẹ̀dí-àpò-pọ̀" ló bá a mu. Ní ti olùrànlọ́wọ́, a ti ní agbódegbà. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò, Ṣàgámù: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ẹ sọ nípa ìdìtẹ̀, ṣùgbọ́n agbódegbà kò ká gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká ní àwọn mẹ́ta jókòó ní Sábó, wọ́n fẹnu kò pé àwọn á fọ́ ìsọ̀ kan ní Òkè-Àje lóru. Ọ̀kan á fi irin já ìlẹ̀kùn, ìkejì á gbé ọ̀kadà dúró níta, ìkẹta tó mọ ibẹ̀ ya ọ̀nà rẹ̀ sórí bébà, òun ò sì ní kúrò nílé. Níbi tí wọ́n ti fẹnu kò yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ti pé. Bí ọlọ́pàá bá kó wọn kí wọ́n tó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀ka 516 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti mú wọn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 7. Kò di ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀. Adájọ́ á wo ìṣe oníkálukú, bóyá ó so pọ̀ débi tí kò fi lè jẹ́ pé wọn ò jọ sọ ọ́.

Wàyí o, wọ́n débẹ̀, ọdẹ jí, onírin lù ú pa. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìpànìyàn ní Sábó. Ẹ̀ka 8 ló kàn níbí: bí ikú náà bá jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe kó tẹ̀yìn iṣẹ́ tí wọ́n jọ dáwọ́ lé yọ, gbogbo wọn ló ni ín. Bí ayàwòrán bá kọ ọ́ sórí bébà pé "ọdẹ kan ń sùn lẹ́nu ọ̀nà", tó sì mọ̀ pé wọ́n á mú irin dání, sísùn tó sùn sílé kò gbà á. Ṣùgbọ́n bí onírin bá pàdé ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́ lójú ọ̀nà tó sì pa á, ìyẹn kò tẹ̀yìn fífọ́ ìsọ̀ yọ. Tirẹ̀ nìkan ni.

Ọlọ́kadà, tí kò fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, ẹ̀ka 7 kà á sí ẹni tó fọ́ ìsọ̀ gan-an. "Alọ́wọ́sí" ni mo fẹ́ pè é. Ẹni tó wá gbà wọ́n sílé lọ́jọ́ kejì kí ọwọ́ òfin má bàa tẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn tó ti mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀, ọ̀tọ̀ lòun. Bí òfin ò bá ti ya ìjìyà mìíràn sọ́tọ̀ fún un, ọdún 2 ni. Bí a bá pe àwọn méjèèjì ní agbódegbà, olùjẹ́jọ́ ò ní mọ èwo ni wọ́n ka sí òun lọ́rùn.

Oníṣòwò, Ìpẹru: Àbúrò mi yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀, ọ̀rẹ́ fi jalè. Ọ̀rẹ́ náà ti kọ ọ́ ní tésàn pé àbúrò mi mọ̀ sí i. Ṣé alọ́wọ́sí náà nìyẹn?

Agbẹjọ́rò, Ṣàgámù: Bí kò bá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe, kò lọ́wọ́ sí i. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́wọ́ ní tésàn, ọrùn ọ̀rẹ́ náà ló wà. Ẹ̀ka 29 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 kò jẹ́ kí kóòtù lò ó fún àbúrò yín, àfi bó bá fẹnu ara rẹ̀ tàbí ìṣe rẹ̀ gbà á wọlé. Bí wọ́n bá kà á síwájú rẹ̀, kó sọ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni, kó má sì buwọ́ lu nǹkan kan kí lọ́yà tó dé.

Ògbufọ̀ kóòtù: Mo gba alọ́wọ́sí. Èwo wá ni ká lò fún ti àkọ́kọ́?

Agbẹjọ́rò, Ṣàgámù: Ìgbìmọ̀pọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn náà ń lò ó.

Olùkọ́ Yorùbá: Ìgbìmọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ iyì, àwọn ìjòyè ló ń gbìmọ̀. Lẹ̀dí-àpò-pọ̀ ti gbé ibi dání, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe rere.

Agbẹjọ́rò, Ṣàgámù: Ó gbé àṣírí dání pẹ̀lú, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n lè fẹnu kò ní gbangba ọjà, kó ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan náà.

Ògbufọ̀ kóòtù: Màá máa sọ pé "ìgbìmọ̀pọ̀ láti ṣẹ̀" ná. Ẹni tó wá ní òun ò ṣe mọ́ ńkọ́?

Agbẹjọ́rò, Ṣàgámù: Bó bá wí fún wọn kedere kí wọ́n tó gbéra, ó lè bọ́ nínú ti ìsọ̀ àti ti ọdẹ. Bó bá kàn dákẹ́, tí kò yọjú, ìyẹn lè má tó, pàápàá bí wọ́n bá ṣì ń fi bébà rẹ̀ rìn. Ti ìgbìmọ̀pọ̀ ní Sábó kò kúrò lọ́rùn rẹ̀ lọ́nà méjèèjì.