Ìtàn tí a kà kún àti èyí tí a ò kà kún nínú Star Wars

Kẹ́mi: Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè pe apá ìtàn Star Wars tí àwọn tó ni ín gbà pé ó ṣẹlẹ̀, kí la sì máa pe èyí tí wọn ò gbà? "Ojúlówó" àti "ayédèrú" ni mo ń lò.

Bọ́lájí: Wọ́n dára bẹ́ẹ̀. Fíìmù ni ojúlówó, ìwé ni ayédèrú. Ó parí.

Àlàbí: Kò tíì parí o, àbúrò mi. Ohun tí wọ́n ṣe láìgbàṣẹ là ń pè ní ayédèrú. Àwọn ìwé yẹn gbàṣẹ lọ́wọ́ Lucasfilm, ilé iṣẹ́ tó ni Star Wars. Oṣù kẹrin ọdún 2014 ni ilé iṣẹ́ náà kéde pé fíìmù mẹ́fà àkọ́kọ́ àti eré The Clone Wars ló dúró, pẹ̀lú ohun tuntun tó bá ń jáde, ìbáà jẹ́ ìwé. Àwọn ìwé àtijọ́ di Legends. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ wọ́n tà, orúkọ yẹn ni wọ́n kọ sí iwájú wọn.

Ẹ wo Chewbacca, ẹ̀dá ìtàn kan nínú Star Wars. Nínú ìwé kan tó jáde ní 1999, òṣùpá ni wọ́n fà lulẹ̀ lé ayé tí Chewbacca wà lórí rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Nígbà tí fíìmù 2015 dé, òun àti Han Solo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún jọ ń fò kiri. Àwọn tó kọ fíìmù ò jiyàn pé ìwé náà wà. Wọn ò kà á kún ni. Mo dábàá "ìtàn àkàkún" àti "ìtàn aláìkàkún".

Ṣadé: Èmi náà ń kọ ìtàn Chewbacca fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ṣé aláìkàkún ni tèmi?

Àlàbí: Tìrẹ ò gbàṣẹ rárá, Ṣadé. Ó yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀.

Kẹ́mi: Ẹ̀gbọ́n, "a ò kà á kún" dà bí ìwọ̀sí sí mi létí. Ẹ̀dá ìtàn tó ń jẹ́ Thrawn ńkọ́? Ìwé Timothy Zahn ti 1991 ló ti jáde wá, wọ́n sọ ọ́ nù ní 2014, ní 2016 ó tún yọjú nínú eré tẹlifíṣọ̀n Rebels.

Àlàbí: Ìbéèrè yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Thrawn ti di àkàkún, ìwé 1991 ò dì í. Ohun tí Rebels bá sọ nípa rẹ̀ ló wà, àti ìwé tuntun tí Zahn fúnra rẹ̀ kọ ní 2017. Bí ẹ bá ń kọ ọ́, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ lẹ orúkọ náà mọ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀dá ìtàn. Ìwọ̀sí yẹn, mo gbà, ó wà níbẹ̀ díẹ̀.

Bọ́lájí: Èèyàn á máa ṣi "àkàkún" gbọ́ sí "àfikún". Ojúlówó lèmi ó máa lò, ṣùgbọ́n mo ti fi ayédèrú sílẹ̀. Legends gan-an ni màá máa kọ.

Kẹ́mi: Èmi á lo àkàkún. Fún èkejì, mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní bu ìwé kù.