Ráídà ti ń kanlẹ̀kùn, máàpù ṣì ní ó wà ní Tákíè

Ìyá Ẹlẹ́wà
Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sọ tiyín. Àwọn oníbàárà mi ní Àdéníkè ń pè mí pé àmì ráídà tó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn ò kúrò ní Tákíè lórí máàpù, bẹ́ẹ̀ ráídà ti ń kanlẹ̀kùn wọn. Irọ́ ta ni?

Ọlọ́kadà Àgbà
Kò sírọ́ níbẹ̀, ìyá wa. Fóònù ráídà ló pa áàpù. Ó gba iṣẹ́ ní Tákíè, ó ti fóònù bọ àpò, ojú fóònù kú. Àwọn fóònù kan ò fẹ́ kí áàpù kankan máa jẹ iná lábẹ́lẹ̀. Tí ojú wọn bá ti kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á pa á. Ibi tí áàpù ti ránṣẹ́ kẹ́yìn ni oníbàárà á máa rí. Ìgbà tí ráídà bá tan fóònù kó lè pè yín ni àmì yẹn á ṣẹ̀ṣẹ̀ fò dé Àdéníkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ́ńdà-Jí
Dátà ló tán. Kó lọ ra dátà.

Ọlọ́kadà Àgbà
Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Fóònù ò nílò dátà kó tó mọ ibi tó wà, sátẹ́láìtì ló fi ń mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kó tó lè sọ fún oníbàárà, àfi kí dátà wà. Ẹ fa òkè ojú fóònù wálẹ̀: áàpù ráídà tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fi ìkéde sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ìkéde bá wà tí àmì ò sì kúrò lójú kan, ẹ yẹ dátà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò. Tí ìkéde bá ti pòórá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fóònù ti pa áàpù nìyẹn.

Bàbá Ìbejì
Àtúnṣe ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ sọ àìsàn fún wa.

Ọlọ́kadà Àgbà
😂 Tó bá jẹ́ Android, ẹ wọ Settings, Apps, ẹ mú áàpù iṣẹ́ yín, ẹ tẹ Battery tàbí App battery usage, kí ẹ yan Unrestricted. Lẹ́yìn náà ẹ pa Battery Saver. Lórí fóònù mìíràn, òun ló ń dá lokéṣọ̀n dúró tí ojú fóònù bá ti kú. Kí ẹ tó jáde, ẹ tan áàpù, ẹ pa ojú fóònù, ẹ rìn yí àdúgbò ká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá wò ó bóyá ìkéde ṣì wà.

Sístà Sábó
Tí áàpù bá ń béèrè láti mọ ibi tí mo wà, èmi ò jẹ́ tẹ Allow all the time láyé. Kí wọ́n máa mọ ibi tí mò ń sùn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ́ńdà-Jí
Ẹ̀yin kọ́ là ń bá wí, sístà. Ráídà ni.

Ẹlẹ́rọ Fóònù
Ọ̀rọ̀ sístà kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ o. Oníbàárà ò nílò ju Allow only while using the app lọ. Kódà ó tó fún ọ̀pọ̀ ráídà pàápàá: tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí áàpù tí ìkéde yẹn sì wà lókè, fóònù kà á sí pé ó ṣì ń lò ó. Tí áàpù bá ta kú pé àfi Allow all the time, láti Android 11 inú Settings lẹ ti máa yàn án, kò sí lára ìbéèrè tó ń bẹ́ síta lójú fóònù yẹn mọ́. Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ pa ni Use precise location. Tí ẹ bá pa á, agbègbè ńlá ni fóònù á fún áàpù dípò ojú ibi tí ẹ wà. Oúnjẹ yín á máa wá yín kiri àdúgbò.

Bàbá Ìbejì
Unrestricted yẹn ò ní mu bátìrì gbẹ?

Ẹlẹ́rọ Fóònù
Á jẹ díẹ̀ sí i. Àmọ́ ojú fóònù tó tàn rokoṣo nínú oòrùn ló ń jẹ ẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí máàpù máa fohùn darí yín, kí ojú fóònù kú. Ẹ fi dátà olówó pọ́ọ́kú gba máàpù Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ nínú Google Maps, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, kí ẹ yan Offline maps.

Ráídà Aróẹ̀
Irọ́ ni ti ìyẹn. Ohùn máàpù ń mú èèyàn gba kọ̀rọ̀ tí ọ̀kadà ò lè gbà. Èmi ń so fóònù mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, páwà báńkì wà lápò.

Ọlọ́kadà Àgbà
Nínú oòrùn ọ̀sán? Tí fóònù bá ti gbóná jù, kò ní gba iná mọ́, bó tiẹ̀ wà lẹ́nu páwà báńkì. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ráídà Aróẹ̀
Mo fi aṣọ bò ó.

Ẹlẹ́rọ Fóònù
Aṣọ! Ẹ tún wá ń bò ó kó lè móoru dáadáa.

Ìyá Ẹlẹ́wà
Ẹ ṣeun o. Ráídà mi ti rí i, Battery Saver ló wà ní títàn látàárọ̀. Oníbàárà kan ṣì kù tó fi àmì ilé ẹ̀ sí òdìkejì títì. Ta ni máa tún ìyẹn ṣe?

Sístà Sábó
Ẹ pè é lórí fóònù, ìyá. Ẹ ní kó jáde síta.