Ṣé "ìyá àtọ̀" ni ká pe sẹ́ẹ̀lì Sẹ̀tólì, àbí "alágbàtọ́"?

Ògbufọ̀ kan, Wúsè, Àbújá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ fún àwọn ọkùnrin Yorùbá tí dókítà gé ẹran-ara díẹ̀ nínú kóró ẹpọ̀n wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé wọn kò rí ọmọ bí. Mo ti pe sẹ́ẹ̀lì Sẹ̀tólì ní "ìyá àtọ̀", torí òun ló ń bọ́ àtọ̀. Ṣé ó bá a mu? Kí ni kí n sì pe àwọn ọ̀pá tó wà níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì, àti epidídímísì tí àtọ̀ ń gbà kọjá tó bá kúrò nínú kóró ẹpọ̀n?

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, Gwarínpà: Ọmọ mi, "ìyá àtọ̀" dára, má yí i padà. Yorùbá kì í pe nǹkan ní ìyá nítorí bíbí nìkan. Ìyá ìlù kò bí omele, ṣùgbọ́n òun ló ń darí rẹ̀. Ní ti ọ̀pá, mo dá "ìfun àtọ̀" lábàá, torí mo gbọ́ pé ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun.

Dókítà obìnrin tó ń fi maikirosikóòpù wo ẹran-ara, Sáríà: Ẹ kú àárọ̀ sà. Mo gbà pé ìyá ìlù kò bí omele. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìwé yìí kì í ṣe onílù. Ọmọ ló ń wá. Bó bá rí "ìyá", bíbí ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ náà yóò sì ti ṣì í lọ́nà.

Sẹ̀tólì kì í di àtọ̀ láé. Ìsàlẹ̀ ògiri ọ̀pá ló tẹ̀dó sí, orí rẹ̀ sì ga dé ihò àárín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ àtọ̀ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìran wọn yàtọ̀ sí ti Sẹ̀tólì. Àwọn ló ń pín ara wọn, tí wọ́n ń gba àárín àwọn Sẹ̀tólì gòkè díẹ̀díẹ̀, títí wọn yóò fi di àtọ̀ tó já sínú ihò, lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 64 sí 74. Ní gbogbo àkókò yẹn, Sẹ̀tólì ń bọ́ wọn, ó sì ń gbé èyí tí wọ́n bọ́ kúrò lára mì. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́. Nítorí náà, "sẹ́ẹ̀lì alágbàtọ́" ni mo fọwọ́ sí.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe nínú èsì àyẹ̀wò. Ọkùnrin méjì wà, kò sí àtọ̀ kankan nínú omi tó ń jáde lára àwọn méjèèjì nígbà ìbálòpọ̀. Mo gé ẹran-ara ti àkọ́kọ́, mo rí i pé ọ̀pá rẹ̀ kún, gbogbo ipele àtọ̀ pé. Kóró ẹpọ̀n rẹ̀ kò kéré, FSH inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, họ́mọ́ọ̀nù tó ń rán kóró ẹpọ̀n níṣẹ́ láti ṣe àtọ̀, wà bó ṣe yẹ. Ọ̀nà ló dí fún un níwájú, bóyá ní epidídímísì. Ti èkejì, ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín, Sẹ̀tólì nìkan ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, FSH rẹ̀ sì ga. A ó kọ ọ́ pé Sẹ̀tólì nìkan ló kù. Tí ìwé yín bá túmọ̀ ìyẹn sí "ìyá àtọ̀ nìkan ló wà", inú rẹ̀ á dùn: ìyá wà, ọmọ ń bọ̀ nìyẹn. Tó bá kà pé "alágbàtọ́ nìkan ló wà, kò sí ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀", ó ti lóye èsì rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ lábù, Kàdúná: Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídá, ẹ jọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi kún ìwé náà pé omi tí wọ́n kó ẹran-ara sí ṣe pàtàkì. Fọ́málínì lásán ni wọ́n sábà máa ń kó o sí wá fún wa. Ó máa ń jẹ́ kí ọ̀pá súnkì, kí sẹ́ẹ̀lì yà kúrò lára ara wọn, ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ́ ọn lè rò pé ọ̀pá ṣófo. Omi Búùnì ló dára fún kóró ẹpọ̀n. Àwọ̀ yẹ́lò tó máa ń kó sára ẹran-ara la fi ń mọ̀ pé òun ni wọ́n lò.

Ọkùnrin kan, Kúbwà: Ẹ má bínú, àwọn ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ohun tí wọ́n kọ fún èmi náà nìyẹn, Sẹ̀tólì nìkan. Ṣé pé mi ò kì í ṣe ọkùnrin mọ́ nìyẹn? Irùngbọ̀n mi ṣì ń hù, ohùn mi kò yí padà. Ẹnìkan ní kí n máa gba abẹ́rẹ́ tẹstọ́stẹ́rọ́ọ̀nù, pé àtọ̀ máa padà.

Dókítà, Sáríà: Àbúrò mi, rárá. Sẹ́ẹ̀lì Láídìgì ló ń ṣe tẹstọ́stẹ́rọ́ọ̀nù, ìta ọ̀pá ló sì ń gbé, nínú àlàfo tí òpójẹ̀ ń gbà. Ọ̀pá lè ṣófo kí tiwọn sì máa ṣiṣẹ́. Ìdí tí irùngbọ̀n yín fi ń hù nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba abẹ́rẹ́ yẹn. Tí tẹstọ́stẹ́rọ́ọ̀nù bá ti ìta wọlé, ẹ̀yà kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ á dín FSH àti LH, họ́mọ́ọ̀nù kejì tó ń rán kóró ẹpọ̀n níṣẹ́, kù, kóró ẹpọ̀n á sì dáwọ́ àtọ̀ ṣíṣe dúró. Ọkùnrin tí àtọ̀ rẹ̀ dára pàápàá lè pàdánù rẹ̀ báyẹn. Ohun mìíràn ni pé díẹ̀ la gé. Nígbà mìíràn, ọ̀pá mélòó kan tí àtọ̀ wà nínú wọn lè wà níbi tí ọ̀bẹ kò dé, dókítà sì lè fi maikirosikóòpù wá a. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn tó ń rí sí i. Kò dájú pé yóò rí i.

Ògbufọ̀, Wúsè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Èyí bà mí lẹ́rù, torí "sẹ́ẹ̀lì àárín ọ̀pá" ni mo ti kọ fún ti Láídìgì. Ẹni tó bá kà á á rò pé inú ihò ọ̀pá ni wọ́n wà.

Olùkọ́, Gwarínpà: "Sẹ́ẹ̀lì ìta ọ̀pá", nígbà náà. Alágbàtọ́, mo gbà á, ó dára ju tèmi lọ fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n n kò tíì jọ̀wọ́ "ìfun àtọ̀".

Dókítà, Sáríà: Ìfun ń gbé nǹkan kọjá ni, sà. Ògiri ọ̀pá yìí ló ń ṣe àtọ̀ fúnra rẹ̀. "Ọ̀pá ìpèsè àtọ̀" ni mo fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo ìfun, epidídímísì ló súnmọ́ ọn: ọ̀pá kan ṣoṣo tó ká jọ, tó gùn tó bíi mítà 6 bí a bá tú u.

Òṣìṣẹ́ lábù, Kàdúná: Àwa a máa pe ìyẹn ní ilé ìkópamọ́ àtọ̀.

Dókítà, Sáríà: Ìrù rẹ̀ ló ń kó o pamọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àtọ̀ tó jáde láti inú kóró ẹpọ̀n kò tíì mọ bí a ṣe ń wẹ̀. Ní ọ̀nà gígùn yẹn ló ti ń gbó, tó ń gba agbára láti wẹ̀. Bí a bá pè é ní ilé ìkópamọ́ nìkan, a ti fi iṣẹ́ tó tóbi jù sílẹ̀.

Olùkọ́, Gwarínpà: "Ìfun ìgbó àtọ̀" ń kọ́? Àbí wọ́n á kà á bí igbó tí ẹranko ń gbé?

Ògbufọ̀, Wúsè: Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló ń bà mí, sà, torí ìwé náà yóò jáde láìsí àmì ohùn. Epidídímísì ni màá ṣì fi sílẹ̀, màá fi gbólóhùn kan tẹ̀ lé e pé ibẹ̀ ni àtọ̀ ti ń gbó kó tó jáde. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju ìyẹn lọ kó fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.